Oṣù mẹ́ta tí mo fi máòtìwọ́ọ̀ṣì bo òórùn ẹnu mọ́lẹ̀

Ẹ̀jẹ̀ ló kọ́kọ́ ń bá itọ́ mi jáde tí mo bá ń fọ eyín láàárọ̀. Kò pẹ́ sígbà náà ni ìyàwó mi ń gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan tí mo bá ń bá a sọ̀rọ̀. Kò sọ nǹkan kan, àmọ́ mo mọ ohun tó ń sá fún.

Máòtìwọ́ọ̀ṣì tí ọtí wà nínú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ rà. Ó ta mí lẹ́nu bí ata, ẹnu mi tutù nini fúngbà díẹ̀, ó sì gbẹ táútáú. Itọ́ ló ń fọ ẹnu wa tọ̀sán-tòru; ẹnu tó bá ti gbẹ, kòkòrò inú rẹ̀ ráyè nìyẹn. Ni mo bá bọ́ sórí èyí tó ní kilọhẹ́sídínì, oògùn kan tó ń pa kòkòrò ẹnu. Èyí ṣiṣẹ́ o! Láàárín ọ̀sẹ̀ kan, ẹ̀jẹ̀ dínkù. Mo wá ń lò ó láàárọ̀ àti lálẹ́ fún oṣù mẹ́ta gbáko, láìbi ẹnikẹ́ni.

Nígbà tó yá, oúnjẹ ò dùn lẹ́nu mi mọ́. Mo wo dígí, mo rí ìlà kan tó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ lára eyín iwájú, níbi tó ti kan erìgì. Mo fi búrọ́ọ̀ṣì ha á títí, kò lọ.

Dókítà eyín fi irin tín-ín-rín kan yẹ abẹ́ erìgì mi wò, ó ní, "Ẹ̀ ń gbálẹ̀ ìta, àkìtàn wà nínú yàrá." Ìdọ̀tí ti le bí òkúta sábẹ́ erìgì, ibi tí omi kankan tí èèyàn fi yọ ẹnu kì í dé. Ó ní kilọhẹ́sídínì kì í ṣe ohun tí à ń lò lọ títí. Ọ̀sẹ̀ méjì tàbí díẹ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ ni wọ́n sábà máa ń ní kéèyàn lò ó, pàápàá nígbà tí erìgì bá ń dunni débi tí búrọ́ọ̀ṣì ò ṣeé fi kàn án. Òun ló kun eyín mi, òun ló sì bà mí lẹ́nu jẹ́. Mo tún ti ń lò ó kété tí mo bá fọ eyín tán, bẹ́ẹ̀ sì ni ohun tó ń mú ọṣẹ ìfọyín hó máa ń sọ agbára rẹ̀ di yẹpẹrẹ. Ó yẹ kí n dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Dókítà ha gbogbo ìdọ̀tí náà kúrò. Erìgì mi ro mí lọ́jọ́ náà, ló bá ní kí n po ìdajì ṣíbí kékeré iyọ̀ mọ́ ife omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ kan, kí n fi yọ ẹnu fún bí ààbọ̀ ìṣẹ́jú, kí n tu ú. Ó tù mí lára gan-an, kò kun eyín, kò gbẹ ẹnu. Àmọ́ kò lágbára bíi kilọhẹ́sídínì láti pa kòkòrò, kò sì lè tú òkúta yẹn. Ká ní iyọ̀ ni mo kọ́kọ́ gbé dání, abẹ́ erìgì mi ì bá ṣì máa rà lọ.

Ní báyìí, mo máa ń ha ẹ̀yìn ahọ́n mi, mo sì ń fi òwú sín àárín eyín lálálẹ́, mo wá ń gbóòórùn òwú náà. Tó bá ń rùn níbì kan náà fún ọ̀sẹ̀ kan, mi ò ní dé ibi tí wọ́n ti ń ta máòtìwọ́ọ̀ṣì; ọ̀dọ̀ dókítà eyín ni mò ń lọ tààrà.