Àlájà Onílọ́fínńdà àti Bùbá Ẹ̀gbọ́n Mi

Gbogbo Ọjà Ọba n'Ìbàdàn ló gbà pé bí imú Àlájà onílọ́fínńdà bá ti kan aṣọ ẹni, ìwà onítọ̀hún ti tú síta. Èmi ọlọ́gbọ́n, mo ní irọ́ ni, mo sì lọ dán wọn wò.

Kí wọ́n má baà rí mi kà, mo gbé bùbá léèsì funfun ẹ̀gbọ́n mi wọ̀. Mi ò tọrọ rẹ̀. Ẹ ṣáà mọ ẹ̀gbọ́n mi. Mo tún fọ́n lọ́fínńdà ẹ̀gbọ́n mi sọ́rùn títí imú mi fi mọ́ ọn lára, tí n kò gbóòórùn kankan mọ́. Mo rò pé ó ti lọ ni, mo bá tún fọ́n sí i.

Àlájà fa imú lẹ́ẹ̀kan. “Aṣọ yìí pẹ́ nínú àpótí, káńfọ̀ ti wọnú òwú rẹ̀. Ẹni tó ni ín, bó bá fún ọ ní náírà mẹ́wàá, á bèèrè ṣéńjì.”

Mo lu itan mi. “Àlájà, àbí ẹ̀yin lẹ bí i ni?” Mo gbàgbé ohun tó gbé mi wá, mo jókòó, mo ń sọ̀rọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lẹ́yìn: bí wọ́n ṣe ń ka ẹran inú ìkòkò, bí wọ́n ṣe fi báírò sàmì sára ìgò lọ́fínńdà.

“Mo gbọ́,” ni Àlájà wí. “Tọrùn rẹ yìí ńkọ́? Omi ló pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ta ló ń bu omi dí ojú àmì?”

Ẹnu mi wọlẹ̀. Ẹ̀rín tí ìyá aláta ẹ̀gbẹ́ wọn rín, mo rò pé wọ́n gbọ́ ọ dé Bẹẹrẹ.

Ìtìjú ló mú mi ra lọ́fínńdà úúdù mílì 6. Àlájà ní kí n kán an sọ́rùn ọwọ́, kí n má fi ọwọ́ kejì ra á, kí n dúró: òórùn tó kọ́kọ́ gba imú kì í pẹ́ tó fi ń lọ, èyí tó bá kù nírọ̀lẹ́ lèèyàn sanwó fún. Wọ́n sì kìlọ̀ pé kó má kan aṣọ funfun, torí òróró ni. Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí ìyá aláta mọ̀ pé mo lówó. Mo da á sí ọrùn bùbá. Àwọ̀ ilẹ̀ pupa ló yọ, ó fẹ̀ bí àwòrán ilẹ̀ Áfíríkà, erékùṣù pẹ̀lú ẹ̀ wà níbẹ̀.

Nílé, mo fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́, kò lọ. Mo wá fi áyọ́ọ̀nù gbígbóná lọ̀ ọ́, àfi bí ẹni se é jinná sínú òwú. Mo ká a, mo yí àbàwọ́n sínú, mo dá a padà sínú àpótí.

Ọjọ́ kẹta, ẹ̀gbọ́n mi gbé e sí imú. Wọn ò pariwo. “Èló ni wọ́n ń ta úúdù yìí?”

Mo sọ iye rẹ̀.

“Ó dára. Èmi ò ní rà á mọ́ nìyẹn. Ó wá ku owó bùbá.”