Ìràwọ̀ Mẹ́ta Ni Mo Kọ́kọ́ Máa Ń Kà

Bí ẹ bá fẹ́ ra bátìrì ìńfátà ní Àkúrẹ́ níbí, ẹ lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù nítòsí Ọjà Ọba, kí ẹ fọwọ́ kàn án, kí ẹ ná an títí ẹnu yín á fi kò pẹ̀lú ẹni tó ń tà á. Ẹ sì lè rà á lórí ayélujára, níbi tí owó rẹ̀ máa ń rọjú díẹ̀. Wàhálà ibẹ̀ ni pé àwòrán àti ọ̀rọ̀ àwọn tó ti rà á ṣáájú nìkan lẹ máa rí. Mo ti bá mọ̀lẹ́bí àti aládùúgbò ka ọ̀rọ̀ wọ̀nyẹn débi pé n kì í wo iye ìràwọ̀ tí wọ́n kọ sókè mọ́. Ìsàlẹ̀ ni mo máa ń lọ tààrà.

Ẹ jẹ́ kí n fi ti àǹtí mi tó ń ránṣọ ní Ọ̀bà-Ilé ṣàlàyé. Bátìrì túbúlà 12V, 220Ah, ló ń wá. Ẹni mẹ́ta ló ń ta irú rẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ ń tà á ní ₦265,000. Ènìyàn 10 ló sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀, gbogbo wọn ló fún un ní ìràwọ̀ márùn-ún. Ẹnì kejì ń tà á ní ₦380,000. Nínú ènìyàn 50, 48 ló yìn ín. Ẹnì kẹta ní ₦372,000 ni tòun. 186 nínú 200 ló yìn ín. Ọ̀dọ̀ ẹni àkọ́kọ́ ni Àǹtí ti fẹ́ lọ sanwó.

"Kò sẹ́ni tó bú u nínú gbogbo wọn," ni wọ́n wí.

"Ẹni mẹ́wàá péré ni gbogbo wọn, Àǹtí," ni mo fi dá wọn lóhùn.

Ìṣirò kékeré kan wà tí mo máa ń ṣe nírú ìgbà báyìí. Mo máa ń ṣe bí ẹni pé ènìyàn méjì sí i ṣẹ̀ṣẹ̀ rà á, tí ọ̀kan yìn ín, tí ìkejì sì bú u. Ti ẹni àkọ́kọ́ wá di 11 nínú 12, ìyẹn bíi 92 nínú ọgọ́rùn-ún. Ti ẹnì kejì di 49 nínú 52, tó jẹ́ 94. Ti ẹnì kẹta di 187 nínú 202, ó ń lọ sí 93. Ẹ rí i pé ẹni tí wọn ò bú rárá ló bọ́ sẹ́yìn, torí ẹnu tó sọ̀rọ̀ fún un kò tó nǹkan. Bí wọ́n bá pọ̀, ẹni méjì tí a fi kún un kò ní fẹ́rẹ̀ẹ́ yí ohunkóhun padà.

Ṣùgbọ́n ìṣirò ò mọ irọ́. Gbogbo ẹni tó bá sọ̀rọ̀ ló ń kà sí olóòótọ́, ìdí nìyẹn tí mo fi ń ka ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀.

Mo to ti ẹni àkọ́kọ́ bí wọ́n ṣe kọ ọ́ lọ́jọ́ sọ́jọ́. Inú ọ̀sẹ̀ kan náà ni gbogbo rẹ̀ bọ́ sí, lẹ́yìn náà, ìdákẹ́rọ́rọ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Ọjà dáa, wọ́n tètè gbé e dé, Ọlọ́run á bù kún yín: ohun tí wọ́n ń sọ nìyẹn ṣáá. Kò sẹ́ni tó sọ ohun tó fi bátìrì náà gbé, tàbí wákàtí mélòó ló lò kó tó wálẹ̀. Ọ̀rọ̀ tó lè bá ẹ̀rọ ata tàbí bàtà mu kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì. Ọ̀kan nínú wọn tiẹ̀ fẹ́ ṣe àlàyé gidi, ló bá kọ ọ́ pé ọmọ tó gbé e wá fi ọwọ́ kan gbé e gun òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Bátìrì túbúlà 220Ah tí ásíìdì wà nínú rẹ̀ máa ń tó kílò 60 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó wúwo ju àpò sìmẹ́ǹtì kan lọ! Bóyá ẹni yẹn ò fojú kan bátìrì kankan ni o, bóyá èyí tí wọ́n gbé fún un ni òjé inú rẹ̀ ò pé, ibì kan náà ló já sí fún ẹni tó fẹ́ rà á.

Àǹtí tọ́ka sí àmì "Verified Purchase" tó wà lára ọ̀rọ̀ náà. Òótọ́ ni pé àmì yẹn ń fi hàn pé wọ́n rà á níbẹ̀. Kò fi hàn pé wọn ò sanwó fún ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ. Èmi náà ti rí ìwé pélébé nínú páálí ẹrù mi rí, tí wọ́n ní kí n fún àwọn ní ìràwọ̀ márùn-ún, kí n ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ lórí Wátsáàpù, káwọn fi owó ìpè ránṣẹ́ sí mi.

Ti ẹnì kẹta ló ya èmi gan-an lẹ́nu. Mo lọ sí ọ̀rọ̀ tó pẹ́ jù, mo bá ẹni tó kọ ọ́ pé ó bá etí òun mu, ohùn rẹ̀ sì já geere. Nǹkan tí wọ́n ń kì bọ etí gbọ́ orin ni wọ́n ń tà lójú ewé yẹn tẹ́lẹ̀! Olùtajà náà yí àwòrán àti orúkọ ọjà padà, ó sì fi ìyìn àtijọ́ sílẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ka kìkì àwọn tó sọ̀rọ̀ bátìrì. Wọ́n jẹ́ 57, 46 ló yìn ín. Bí a bá tún fi ẹni méjì wa kún un, ó di 47 nínú 59, tó jẹ́ 80 nínú ọgọ́rùn-ún. Ibi tí 93 wálẹ̀ sí nìyẹn.

Ó wá ku ẹnì kejì. Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ tàn ká ohun tó lé ní ọdún kan, ọ̀kan lónìí, méjì lóṣù tó ń bọ̀, bí ọjà gidi ṣe máa ń rìn. Ẹni méjì tí kò yìn ín ni mo tẹjú mọ́. Ẹni tó fún un ní ìràwọ̀ kan ń bínú pé ẹrù òun sùn sí gáréèjì. Ẹjọ́ awakọ̀ nìyẹn. Ẹni tó fún un ní ìràwọ̀ mẹ́ta ló sọ ohun tí mo ń wá. Fáànù méjì, tẹlifíṣọ̀n kan àti gílóòbù díẹ̀ ló ń lò, ó ń gbé e fún wákàtí márùn-ún. Lẹ́yìn oṣù mẹ́jọ, kò pé mẹ́rin mọ́. Olùtajà dá a lóhùn níbẹ̀ pé kó ṣí ìdérí rẹ̀ wò, kó fi omi bátìrì kún un bó bá ti lọ sílẹ̀. Ìràwọ̀ mẹ́ta kì í sábà ní ẹni tó máa sanwó fún un: ẹni tó ń polówó ọjà ń fẹ́ márùn-ún, ẹni tó fẹ́ ba ọjà ọmọnìkejì jẹ́ ń kọ ọ̀kan.

Oṣù mẹ́jọ yẹn ṣe pàtàkì. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ń sọ̀rọ̀, bẹ́ẹ̀ ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ kò sí bátìrì tí kì í dáa. Nídìí ọjà tó máa ń pẹ́ kó tó fi àlébù rẹ̀ hàn, ọ̀rọ̀ ẹnì kan tó ti lò ó fún oṣù mélòó kan ju ogún tí wọ́n kọ lọ́jọ́ tí wọ́n já páálí.

Àwòrán tí oníbàárà fi síbẹ̀ náà, mo máa ń fi Google Lens wò ó. Bó bá jáde lójú ewé olùtajà míì, mo ti kúrò níbẹ̀ nìyẹn.

Ọ̀dọ̀ ẹnì kejì la ti rà á, pẹ̀lú àdéhùn pé ìgbà tó bá dé la máa sanwó. Kí Àǹtí tó sanwó, a gbé e sórí òṣùwọ̀n àwọn tó ń ra bátìrì tó ti kú. Kílò 63 ló wọ̀n. Mítà ka 12.7V nígbà tí kò sí ohun tó ń fà á, ó fi hàn pé ó kún.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni Àǹtí ti fẹ́ kọ ìràwọ̀ márùn-ún fún wọn. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù ná, títí òjò á fi bẹ̀rẹ̀ tí iná á máa lọ lójoojúmọ́, kí wọ́n wá kọ wákàtí tí ó ń gbé ẹ̀rọ ìránṣọ wọn.