Fọ́ńtì tí mo máa ń lò fún ìwé ètò ìsìnkú, àti ìdí tí mo fi ń lò ó

Àkúrẹ́ níbí ni mo ti ń ṣe ìwé ètò ìsìnkú, ìyẹn èyí tí wọ́n máa ń pín lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì, tí orin, bíbélì kíkà, ìtàn ìgbésí ayé olóògbé àti ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ máa ń wà nínú rẹ̀. Gentium ni fọ́ńtì tí mo máa ń lò fún un. Bí ẹbí bá ti jókòó tì mí níwájú kọ̀ǹpútà, fọ́ńtì aláràbarà ni ojú wọn máa ń kọ́kọ́ lọ: Old English Text MT, tàbí Monotype Corsiva. Wọ́n á ní èyí ló jọ ti ṣọ́ọ̀ṣì. N kì í bá wọn jiyàn. Orúkọ olóògbé ni mo máa ń tẹ̀ sínú rẹ̀ pẹ̀lú gbogbo àmì rẹ̀, kí wọ́n fojú ara wọn rí i.

Ẹbí kan wá láti Òkè-Àró. Ìyá wọn ló kú, wọ́n ti lé ní ọgọ́rin ọdún. Ọ ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ màmá, ṣ sì wà láàárín rẹ̀. Bí mo ṣe tẹ̀ ẹ́ ní Old English, àwọn lẹ́tà yòókù jáde ní dúdú, wọ́n ní ìwo àti ìgun, ṣùgbọ́n Ọ àti ṣ jáde tínrín, ní gbọọrọ, bí ẹni pé ẹlòmíràn ló wá kọ tirẹ̀ sí i. Àmì ohùn tó yẹ kó wà lórí Ọ ti yẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

Àǹtí tó jẹ́ àkọ́bí ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ṣé kọ̀ǹpútà yín ló ń dààmú ni?"

Mo ní, "Rárá, mà. Fọ́ńtì yìí ni kò ní lẹ́tà yẹn. Ibòmíràn ni kọ̀ǹpútà ti lọ yá a wá."

Wọ́n ní kí n yọ àmì náà kúrò, ó ṣe tán gbogbo èèyàn ló mọ orúkọ màmá. Àbúrò wọn ọkùnrin ló kọ̀ jálẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ọkàn mi, torí èmi náà kì í fẹ́ yọ ọ́.

Ohun tó ń fa wàhálà yìí ni pé inú fáìlì fọ́ńtì ni wọ́n ti ń ya lẹ́tà kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó ṣe é lè má ya ẹ, ọ àti ṣ rárá. Àwọn kan wà tó ní ẹ àti ọ torí pé èdè Fíẹ́tínámù ń lo méjèèjì, ṣùgbọ́n kò sí ṣ nínú èdè ọ̀hún. Ìdí nìyẹn tí ṣ fi jẹ́ lẹ́tà tí mo kọ́kọ́ máa ń wò. Lẹ́yìn ìyẹn ni mo wá ń wo ẹ́ àti ọ̀. Kọ̀ǹpútà kò ní lẹ́tà kan ṣoṣo tó dá dúró fún àwọn wọ̀nyí: ẹ ni yóò kọ́kọ́ gbé kalẹ̀, kó tó gbé àmì ohùn lé e lórí. Bí ẹni tó ṣe fọ́ńtì náà kò bá sọ ibi tí àmì yóò jókòó sí, yóò yẹ̀, tàbí kó gun orí lẹ́tà. Ó sábà máa ń hàn jù lórí lẹ́tà ńlá, níbi tí àmì á ti gé lẹ́tà sí méjì.

Ìlà tí mo fi ń dán fọ́ńtì wò nìyí:

```
Ọ̀ṣọ́ Ẹ̀ṣọ́ ṣọ́ọ̀ṣì s ẹ̀bẹ̀ Ọ́ Ẹ́ ń ǹ
```

Mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n 40 kí n lè rí i dáadáa. Mo ń wò ó bóyá ṣ nípọn bíi ti s tí ń bẹ nítòsí rẹ̀, bóyá àmì wà láàárín gbùngbùn, àti bóyá àmì orí lẹ́tà ńlá kò wọ inú ìlà tó wà lókè. Lẹ́yìn náà ni mo ń tẹ̀ ẹ́ ní ìwọ̀n tí màá lò gan-an.

Gentium ni mo fi hàn wọ́n lẹ́yìn náà. Ọ̀fẹ́ ni, àwọn èdè tó ní àmì lórí àti lábẹ́ wà lára ohun tí wọ́n torí ẹ̀ ṣe é. Charis SIL náà kì í já mi kulẹ̀, àmọ́ ó ṣígbọnlẹ̀ díẹ̀ jù fún ìwé kékeré. Ojú Gentium rọ̀. Ibi tó tínrín nínú lẹ́tà rẹ̀ kò tínrín púpọ̀, ibi tó nípọn kò sì pariwo. Èyí gan-an ni mo ń pè ní ìfarabalẹ̀. Playfair Display lẹ́wà lójú kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tẹ lẹ́tà rẹ̀ ní funfun sórí ẹ̀yìn ìwé aláwọ̀ dúdú, yíǹkì lè bo àwọn ìlà tínrín yẹn mọ́lẹ̀, kí orúkọ máa já láàárín.

Fọ́ńtì kan ṣoṣo la lò fún gbogbo ìwé màmá náà. Orúkọ wọn wà níwájú ní ìwọ̀n 30, lẹ́tà àkọ́kọ́ nìkan ló tóbi, torí bí gbogbo orúkọ bá jẹ́ lẹ́tà ńlá, àmì á pọ̀ lórí ara wọn. Àkọlé orin nípọn díẹ̀, n kò sì fa ìlà sábẹ́ rẹ̀. Ìlà abẹ́ ọ̀rọ̀ ló ń gbé àmì abẹ́ ẹ, ọ àti ṣ mì. Ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wà ní 11, orin wà ní 13, àlàfo láàárín ìlà sì jẹ́ 18 kí àmì ohùn má baà fara kan lẹ́tà òkè.

Orin 13 yìí dá ìjà sílẹ̀. Ìwé A4 tí a ká sí méjì ni, ojú ewé sì gbọ́dọ̀ jẹ́ 12 tàbí 16, torí mẹ́rin-mẹ́rin ni wọ́n ń lọ. Fọ́tò wọn pọ̀, wọ́n wá ní kí n dín orin kù sí 9. Mo tẹ ojú ewé kan ní 9, mo fi fún ọ̀kan nínú àwọn àgbà tó bá wọn wá, mo ní kí bàbá kọ orin náà lórí ìdúró. Bàbá na ìwé síwájú, wọ́n tún fà á sẹ́yìn, wọ́n ní, "Ẹ̀yin ọmọ yìí, ta ni kó máa ka èyí?" Fọ́tò méjì ló kúrò.

Bó bá jẹ́ òkú ọ̀fọ̀ ni, ọ̀dọ́ tí òbí rẹ̀ ń sin, ń ṣe ni mo tún máa ń dín nǹkan kù sí i. N kì í lo àwọ̀ góòlù, n kì í ya òdòdó yí orúkọ ká. Lẹ́tà tí a tẹ̀ ní ìwọ̀n 24 ti tó fún orúkọ.

Ohun tó kù ni ọ̀nà dé ọ̀dọ̀ atẹ̀wé. Bí ẹ bá fi fáìlì Word ránṣẹ́ sí ẹni tí kò ní Gentium lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀, fọ́ńtì mìíràn ni yóò bọ́ sípò rẹ̀, ìlà á sún, orin á sì bọ́ sí ojú ewé kejì. PDF ni kí ẹ fi ránṣẹ́. Ẹ ṣí i nínú Acrobat Reader, ẹ tẹ `Ctrl+D`, ẹ yan `Fonts`, kí ẹ wò ó bóyá `Embedded Subset` wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ orúkọ fọ́ńtì náà. CorelDRAW ni ọ̀pọ̀ wọn ń lò níbí. Bí ẹ bá ń bá wọn ṣe é nínú rẹ̀, ẹ yan gbogbo ọ̀rọ̀, kí ẹ tẹ `Ctrl+Q`, kí lẹ́tà lè di àwòrán. Ẹ fi ẹ̀dà tí kò tíì di àwòrán pamọ́ ná, nítorí ẹbí lè rántí orúkọ ọmọ-ọmọ kan lálẹ́ ọjọ́ tí ìwé ń wọ ẹ̀rọ. Kí wọ́n tó tẹ gbogbo rẹ̀, ẹ ní kí wọ́n tẹ ẹyọ kan sórí ojúlówó pépà tí ẹ ti sanwó fún.