Híhanrun Màmá Lóru Ọjọ́ Ẹtì: Ẹ̀kọ́ Tí Mo Kọ́ Nípa Pirẹgabálìn Àti Tíràmádọ̀

Ọjọ́ kẹfà rèé tí a gbé màmá tó ń gbé nínú ọgbà wa dé ilé ìwòsàn, ìró èémí wọn ò tíì kúrò létí mi. Nọ́ọ̀sì ni mí, Kúbwa níbí ni mò ń gbé. Ẹ̀yin tí àtọ̀gbẹ ti mú ẹsẹ̀ ìyá tàbí bàbá yín, tí àtẹ́lẹsẹ̀ ń ta wọ́n bí iná ní òru, ẹ mọ kápúsù tí mò ń sọ. Pirẹgabálìn ni, tàbí gabapẹ́ntìn tí í ṣe ìbátan rẹ̀.

Ẹni ọdún 68 ni màmá. Pirẹgabálìn 75 mílígíráàmù láàárọ̀ àti lálẹ́ ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, dókítà gbé e sí 150 lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Iná ẹsẹ̀ rọlẹ̀, àmọ́ òòyì ń kọ́ wọn, wọ́n sì ń tòògbé lórí àga lọ́sàn-án. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ṣubú ní balùwẹ̀, orúnkún sì wú. Ọmọ wọn obìnrin sáré lọ sí kẹ́míìsì, ó ní kí wọ́n fún òun ní oògùn ìrora tó lágbára, wọ́n sì ta tíràmádọ̀ 100 mílígíráàmù fún un. Ẹni tó tà á kò béèrè oògùn tí màmá ń lò. Ọmọ náà ò sì sọ, nítorí “oògùn ẹsẹ̀” ni gbogbo ilé ń pe pirẹgabálìn, kò sì wá sí i lọ́kàn pé ó kan orúnkún.

Màmá lo tíràmádọ̀ kan láago mẹ́jọ alẹ́. Wọ́n jẹ àmàlà, wọ́n lo kápúsù 150 láago mẹ́sàn-án. Nígbà tí orúnkún ò jẹ́ kí wọ́n sùn, wọ́n lo tíràmádọ̀ kejì láago mọ́kànlá. Ẹ ṣírò rẹ̀ pẹ̀lú mi. Tí èèyàn bá ti jẹun, pirẹgabálìn máa ń tó wákàtí mẹ́ta kó tó dé ìwọ̀n tó ga jù lọ nínú ẹ̀jẹ̀. Tíràmádọ̀ máa ń tó wákàtí méjì. Nítorí náà, láàárín aago méjìlá sí aago kan òru, nígbà tí gbogbo ilé ti sùn, ni àwọn méjèèjì pàdé lára wọn.

Láago méjìlá, màmá ń hanrun. Inú ọmọ wọn dùn pé màmá rí oorun sùn lẹ́yìn ìrora ọjọ́ náà. Mo fẹ́ kí ẹ dúró síbí yìí díẹ̀, nítorí ibí yìí ni ikú ti ń wọlé. Kì í ṣe oorun ni. Híhanrun yẹn wúwo, kò sì jọ ti tẹ́lẹ̀. Iṣan ọ̀nà ọ̀fun ti dẹ̀, ahọ́n ń ṣubú sẹ́yìn, afẹ́fẹ́ ń fipá kọjá. Láago méjì ku ogún ìṣẹ́jú, híhanrun náà dákẹ́, ó tún bẹ̀rẹ̀, ó tún dákẹ́. Ó pẹ́ kó tó tún bẹ̀rẹ̀. Ìgbà náà ni ọmọ náà kan ilẹ̀kùn mi: “Àǹtí Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá wo màmá.”

Mo pe màmá lóhùn rara, mo mi èjìká wọn, wọn ò dáhùn. Mo di ẹ̀ṣẹ́, mo fi kókó ìka ha egungun àyà wọn gan-an. Wọ́n ṣí ojú díẹ̀, wọ́n sì tún pa á dé. Mo ka èémí wọn fún odindi ìṣẹ́jú kan: ẹ̀ẹ̀mẹfà. Àgbàlagbà tó ń sùn dáadáa máa ń mí bíi ẹ̀ẹ̀méjìlá sí ogún. Ẹ̀rọ kékeré tí a ń fi sí orí ìka ka afẹ́fẹ́ inú ẹ̀jẹ̀ sí 79 nínú ọgọ́rùn-ún, ó sì yẹ kó lé ní 94. Inú ètè wọn ti dà bí eérú. Mo wọn ṣúgà wọn, nítorí ṣúgà tó bá lọ sílẹ̀ náà lè mú alátọ̀gbẹ sùn báyìí, ó jẹ́ 128, kò lọ sílẹ̀. Ẹnì kan ti gbé epo pupa dé. Mo jágbe mọ́ ọn, mi ò sì tọrọ àforíjì. Epo, mílíìkì tàbí omi tí ẹ bá dà sẹ́nu ẹni tí kò jí, inú ẹ̀dọ̀fóró ló ń lọ. A yí màmá sí ẹ̀gbẹ́, mo gbé àgbọ̀n wọn sókè kí ọ̀nà ọ̀fun ṣí, mo ń mi wọ́n, mo ń pàṣẹ fún wọn pé kí wọ́n mí. Ọkọ̀ dé, a kó gbogbo sáṣẹ́ẹ̀tì oògùn dání.

Ní ilé ìwòsàn, wọ́n fún wọn ní afẹ́fẹ́ ọ́síjìn àti abẹ́rẹ́ nalọ́sónì. Èémí gòkè sí mọ́kànlá, àmọ́ màmá ò jí tán. Ọmọ wọn rò pé abẹ́rẹ́ náà ò ṣiṣẹ́. Ó ṣiṣẹ́. Tíràmádọ̀ nìkan ló lè lé kúrò, kò sí ohun tó lè fi pirẹgabálìn ṣe. Agbára abẹ́rẹ́ náà sì lè tán láàárín wákàtí kan kí tíràmádọ̀ tó tán, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí wọn ò fi jẹ́ kí a gbé wọn padà sílé. Ọjọ́ kẹrin ni wọ́n délé.

Ohun tó mú un le tó bẹ́ẹ̀ ni kíndìnrín. Ẹ̀dọ̀ kì í fọ́ pirẹgabálìn, inú ìtọ̀ ló ń bá jáde bó ṣe wọlé. Àyẹ̀wò fi hàn pé agbára ìsẹ́ kíndìnrín màmá jẹ́ 34 mílílítà ní ìṣẹ́jú kan, bẹ́ẹ̀ 60 sókè ni oògùn yìí ń fẹ́ kí a má bàa dín in kù. Ẹni tó bá wà láàárín 30 sí 60, ìdajì ló tó o. Nítorí náà, 300 tí màmá ń lò lójúmọ́ dà bíi 600 lára ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ pé. Òòyì àti ìtòògbé ọ̀sán yẹn ló ti ń ké sí wa. Apá kan tíràmádọ̀ náà sì ń gba kíndìnrín jáde.

Ìdílé mọ́fíìnì ni tíràmádọ̀ ti wá, òun àti kodíìnì àti DF 118. Wọ́n ń mú kí ibi tó ń pàṣẹ èémí nínú ọpọlọ ya ọ̀lẹ, kó má tètè mọ̀ pé afẹ́fẹ́ burúkú ti pọ̀ lára. Pirẹgabálìn ń tẹ ọpọlọ yẹn kan náà mọ́lẹ̀ láti ọ̀nà mìíràn. Oṣù Kejìlá ọdún 2019 ni àjọ tó ń ṣàkóso oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa èyí, wọ́n sì dárúkọ àgbàlagbà àti ẹni tí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ ò dára. Gabapẹ́ntìn náà wà níbẹ̀, ẹ má ṣe sọ pé tiyín yàtọ̀. Ọtí àti oògùn oorun náà wà nínú rẹ̀.

Mi ò sọ pé pirẹgabálìn burú o. Màmá ṣì ń lò ó. Mi ò sì bú ẹni tó ra tíràmádọ̀, gbogbo wa la mọ bí ìlà ilé ìwòsàn ṣe gùn tó ní Àbújá. Bí dókítà bá mọ̀ọ́mọ̀ pa méjèèjì pọ̀, yóò bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìwọ̀n kékeré, kí ẹnì kan sì máa ṣọ́ aláìsàn náà lóru. Bí a ṣe ń ṣọ́ ọ rèé: ẹ jí i ní wákàtí kejì tàbí ìkẹta lẹ́yìn tó lò ó, kí ó dárúkọ ara rẹ̀ fún yín. Ẹ fojú sí àyà rẹ̀, ẹ ka èémí fún odindi ìṣẹ́jú kan. Ẹ má ka ìdajì kí ẹ sọ ọ́ di méjì, nítorí èémí tó ń dákẹ́ máa ń tan èèyàn jẹ. Bí kò bá tó méjìlá, tó sì ṣòro láti jí, ẹ má dúró kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ pe 112 tàbí kí ẹ wá ọkọ̀. Híhanrun kì í ṣe ẹ̀rí pé ara tu aláìsàn.

Ẹ má sì fi ìbẹ̀rù já pirẹgabálìn lójijì. Ó lè fa àìsùn, òógùn àti gìrì, ó kéré tán ọ̀sẹ̀ kan la fi ń dín in kù, lọ́wọ́ dókítà. Ti màmá ti di 75 láàárọ̀, 75 lálẹ́. Parasítámọ̀ ni wọ́n ń lò fún orúnkún báyìí, nítorí ibuprofẹ́ẹ̀nì ń ba kíndìnrín bíi tiwọn jẹ́. Ọmọ wọn ti kọ orúkọ gbogbo oògùn wọn sínú ìwé kékeré kan, pirẹgabálìn ló wà lókè pátápátá, òun ló sì ń kọ́kọ́ nà sí ẹni tó bá wà nídìí kẹ́míìsì kó tó sọ ohun tó fẹ́ rà.