Ọjọ́ 45 tó fẹ́ kó bá mi

Oníbàárà mi fi àtẹ̀jíṣẹ́ olùtajà rẹ̀ ránṣẹ́ lánàá, Faransé ẹnu lásán, pé kí n sọ ọ́ di Gẹ̀ẹ́sì tó jọjú. "tkt, 45 j fdm." Tkt kò le, má ṣèyọnu ni. Mo ti kọ ọjọ́ 45 sílẹ̀ bí gbèdéke ìsanwó kí ojú mi tó bọ́ sórí fdm: fin de mois, ìparí oṣù.

10 oṣù kẹta ni déètì ìwé owó. Tí a bá ka ọjọ́ 45 ká tó sún un dé ìparí oṣù, ó di 30 oṣù kẹrin. Tí a bá bẹ̀rẹ̀ sí kà láti ìparí oṣù kẹta, ó di 15 oṣù karùn-ún. Ọ̀nà méjèèjì ni wọ́n ń lò ní Faransé!

Mo ní kí oníbàárà mi bi olùtajà náà. Oṣù kẹrin ni. Déètì yẹn gan-an ni mo kọ. Tkt ni mo yọ dànù.