Ibi tí wọ́n ti dáhùn ni iṣẹ́ wà: bí mo ṣe ń ka àkọsílẹ̀ ìpàdé ọ̀sẹ̀ wa

Ọwọ́ mi ni àkọsílẹ̀ ìpàdé wa máa ń bọ́ sí. Àwa kan wà ní Èkó, àwọn yòókù wà ní Lọ́ńdọ̀nù, orí Zoom la sì ti ń pàdé ní gbogbo ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ó máa ń ju wákàtí kan lọ dáadáa. Tí a bá tán, gbogbo ohun tí a sọ á ti wà nínú fáìlì kan, èmi ni mo sì gbọ́dọ̀ yọ nǹkan mẹ́ta jáde níbẹ̀ kí ilẹ̀ tó ṣú: iṣẹ́ wo ló wà nílẹ̀, ta ló gbà á, kí ni gbèdéke rẹ̀. Ẹ̀kọ́ tó wúlò jù tí mo kọ́ nídìí iṣẹ́ yìí ni pé kéèyàn má wo ibi tí wọ́n ti dárúkọ iṣẹ́ nìkan. Ibi tí ẹnì kan ti dáhùn ni kó wò.

"Ó yẹ kí ẹnì kan bá báńkì sọ̀rọ̀" kì í ṣe iṣẹ́, àbá ni. Irú àbá bẹ́ẹ̀ máa ń pọ̀ lọ súà, pàápàá tí ọ̀gá bá wà níbẹ̀, torí ọ̀gá máa ń ro èrò rẹ̀ síta. Tí ẹ bá kó gbogbo rẹ̀ jọ, ìwé yín á gùn, ẹnikẹ́ni ò sì ní kà á. Àbá di iṣẹ́ nígbà tí ẹnì kan bá sọ pé òun máa ṣe é, tàbí tí wọ́n bá pè é lórúkọ tó sì ní ó dáa.

Fáìlì tí Zoom máa ń gbé sílẹ̀, `.vtt` ló wà nídìí orúkọ rẹ̀. Lókè gbólóhùn kọ̀ọ̀kan ni wọ́n ti kọ àkókò tí wọ́n sọ ọ́. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ pa gbogbo àkókò yẹn rẹ́ kí ojú ìwé lè mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi sílẹ̀. Òun lẹ máa fi padà sínú fídíò nígbà tí ọ̀rọ̀ bá dàrú, òun náà lẹ sì máa tọ́ka sí tí ẹnì kan bá ní òun ò sọ bẹ́ẹ̀.

Èdè Gẹ̀ẹ́sì la sábà máa ń fi ṣèpàdé, nítorí náà mo máa ń kọ́kọ́ wá àwọn ọ̀rọ̀ tí èèyàn fi ń gba iṣẹ́, àwọn tí wọ́n fi ń béèrè, àwọn tí wọ́n fi ń gba iṣẹ́ kúrò lọ́wọ́ ẹni, àti àwọn tó ń sọ ọjọ́. Àṣẹ tí mo fi ń wá wọn nínú fáìlì náà nìyí:

```
grep -n -i -E "i.ll|i will|let me|can you|who will|leave it|tomorrow|friday" ipade.vtt
```

Àmì tó-tò tó wà nínú `i.ll` kì í ṣe àṣìkọ. Àmì tó máa ń wà láàárín I àti ll nínú "I'll" lè tẹ̀, ó sì lè dúró ṣánṣán, àmì tó-tò yìí á mú méjèèjì. Àmọ́ ohun tí àṣẹ yìí fún yín kì í ṣe ìdáhùn. Ibi tí ẹ máa lọ kà ló tọ́ka sí, kí ẹ sì ka ìṣẹ́jú bíi márùn-ún ṣáájú ibẹ̀ àti lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ̀rọ tún máa ń gé gbólóhùn sí méjì láàárín, tí apá kan á bọ́ sórí ìlà kejì, àṣẹ yìí ò sì ní rí irú ìyẹn. Torí ẹ̀ ni mo ṣe ń fojú kan gbogbo fáìlì náà lẹ́ẹ̀kan, kódà tí mo bá ti rí púpọ̀.

Nǹkan méjì ló wà tí ojú ìwé ò lè sọ fún yín. Èkíní, nígbà tí iṣẹ́ bá le, Yorùbá làwa ará Èkó máa ń bọ́ sí. "Ẹ fi sílẹ̀ fún mi, màá ṣe é" á jáde lẹ́nu ẹnì kan, ẹ̀rọ tó ń fetí Gẹ̀ẹ́sì gbọ́ ọ á sì kọ ọ̀rọ̀ játijàti tí kò nítumọ̀ síbẹ̀. Nítorí náà, ibi tí ọ̀rọ̀ bá ti di jágbajàgba, ibẹ̀ ni mo máa ń kọ́kọ́ lọ tẹ́tí sí nínú fídíò. Ó ti ṣẹlẹ̀ léraléra pé ibẹ̀ gan-an ni ẹnì kan ti gba iṣẹ́. Èkejì ni ti àwọn tó bá jókòó sídìí kọ̀ǹpútà kan ṣoṣo nínú yàrá. Orúkọ ẹni tó ni kọ̀ǹpútà ni ẹ̀rọ máa kọ sí ọ̀rọ̀ gbogbo wọn. Tí ẹnì kan bá béèrè ìbéèrè tó sì tún dá ara rẹ̀ lóhùn pé "mo ti gbọ́, sà", ẹ mọ̀ pé ẹni méjì ni.

Ẹ jẹ́ kí n mú ọ̀kan wá láti inú ìpàdé ọjọ́ 11 oṣù kọkànlá ọdún 2025. Àwọn òbí ti san owó ilé-ìwé, owó náà ò sì hàn nínú áàpù wa. Ọ̀gá ní ó yẹ kí ẹnì kan bi báńkì. Àǹtí tó ń bójú tó àkáǹtì ní òun máa pè wọ́n lọ́la. Tó bá jẹ́ ibẹ̀ lẹ kà dé, gbogbo rẹ̀ ti pé: iṣẹ́ wà, ẹni tó gbà á wà, ọjọ́ wà. Ṣùgbọ́n ó tó ogún ìṣẹ́jú lẹ́yìn náà, nígbà tí ọ̀rọ̀ ti kúrò lórí owó, ẹ̀ńjìníà wa ṣàdédé sọ pé: "Àǹtí, ẹ má tíì pe báńkì o. Ó dà bíi pé ẹ̀rọ tiwa ló ń dá ìsọfúnni wọn padà. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó, màá sọ fún yín kó tó di Ọjọ́bọ̀." Àǹtí ní ó dáa. Iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ ẹnì kan bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíì, ti àǹtí sì di iṣẹ́ tó so mọ́ ti ẹ̀ńjìníà. Báyìí ni mo ṣe kọ ọ́:

Ẹ̀ńjìníà: wo ìdí tí ẹ̀rọ wa fi ń dá ìsọfúnni báńkì padà, kí o sì sọ fún àǹtí àkáǹtì. Ọjọ́rú, 12/11, kí iṣẹ́ tó parí.
Àǹtí àkáǹtì: pe báńkì, kìkì tó bá jẹ́ pé àṣìṣe ò sí lọ́dọ̀ wa. A ò tíì dá ọjọ́.

Nítorí irú èyí ni mi ò fi ń kọ ohunkóhun sílẹ̀ bí èyí tó dájú títí mo fi dé òpin fáìlì. Tí mo bá ti rí iṣẹ́ kan, mo máa ń fi ọ̀rọ̀ tó dá dúró nínú rẹ̀ wá gbogbo ìyókù. Níbí, "báńkì" ni.

Ní ti gbèdéke, ọjọ́ ìpàdé ni kí ẹ máa kà láti ibẹ̀, kì í ṣe ọjọ́ tí ẹ ń ka fáìlì. Kí ẹ sì kọ déètì gidi. Tí ẹnì kan bá sọ lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun yẹn pé "ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀", ọjọ́ 14 ni ẹlòmíì gbọ́, ọjọ́ 21 ni ẹlòmíì gbọ́. Mo máa ń bi ẹni tó sọ ọ́. Aago náà ń kọ́? Aago Nàìjíríà kì í yí, ti Lọ́ńdọ̀nù ló ń yí. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, aago wa dọ́gba. Láti ìparí oṣù kẹwàá títí di ìparí oṣù kẹta, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ wọn ti di mẹ́fà lọ́dọ̀ wa. Mo máa ń kọ orúkọ ìlú sẹ́gbẹ̀ẹ́ aago.

Ibi tí ẹnikẹ́ni ò bá ti dáhùn, mi ò ní fi orúkọ ẹni tó sọ̀rọ̀ jù síbẹ̀. Mo máa ń kọ "kò tíì lẹ́ni tó gbà á", tàbí "a ò tíì dá ọjọ́", kí gbogbo ojú lè rí i. Kò yá àwọn kan lára, wọ́n fẹ́ kí ìwé náà pé pérépéré. Ṣùgbọ́n orúkọ tí mo bá fúnra mi fi síbẹ̀, ẹni tó ni ín lè má mọ̀ títí ọjọ́ á fi pé.

Lálẹ́ ọjọ́ ìpàdé ni mo máa ń fi ránṣẹ́ sórí Wọ́ọ̀tsáàpù wa, ìlà kan fún iṣẹ́ kan, àkókò inú fídíò sì máa ń wà lẹ́yìn ìlà náà. Mo máa ń ní kí ẹni tí nǹkan ò bá rí bí mo ṣe kọ ọ́ sọ kó tó di ọ̀sán ọjọ́ kejì. Èyí tí kò bá lẹ́ni títí dìgbà yẹn, òun la fi ń bẹ̀rẹ̀ ìpàdé tó tẹ̀ lé e. Ọ̀gá fúnra rẹ̀ ló sábà máa ń sọ pé ká yọ ọ́ kúrò.