Lẹ́tà sí ayálégbé tuntun: owó kọ́ṣọ̀n yàtọ̀ sí owó ilé àsansílẹ̀

Ayálégbé tuntun, ẹ kú oríire ilé. Kí ẹ tó ka owó fún ẹnikẹ́ni, ẹ ní kí wọ́n kọ ohun tí ẹ fẹ́ san sílẹ̀ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ohun tí iṣẹ́ ilé kọ́ mi ni pé púpọ̀ nínú ìjà tó máa ń ṣẹlẹ̀ lọ́jọ́ tí ayálégbé bá ń kó jáde, ọjọ́ tó ń wọlé ló ti bẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n da oríṣi owó mẹ́ta papọ̀, tí wọ́n sì kọ iye kan ṣoṣo sínú rìsíìtì.

Owó ilé àsansílẹ̀ ni owó oṣù tí ẹ kò tíì gbé. Bí ẹ ṣe ń gbé oṣù kọ̀ọ̀kan tán ni onílé ń jẹ owó oṣù náà, èyí tí ẹ bá sì ti gbé kò ní àdápadà. Owó kọ́ṣọ̀n kò rí bẹ́ẹ̀. Owó yín ló ṣì jẹ́ látìgbà tí ẹ ti san án. Ńṣe ni onílé kàn ń mú un dání nítorí ohun tí ẹ lè bà jẹ́, tàbí gbèsè tí ẹ lè fi sílẹ̀. Bí kò bá sí ìbàjẹ́ tí kò sì sí gbèsè, gbogbo rẹ̀ ló gbọ́dọ̀ padà sọ́wọ́ yín. Ẹ̀ka kẹta ni owó ajẹ́ntì àti owó tí wọ́n fi ṣe ìwé àdéhùn. Iṣẹ́ tí wọ́n ti ṣe parí ni àwọn yẹn, nítorí náà ẹ má retí wọn mọ́.

Ẹ jẹ́ ká fi 100 dúró fún owó ilé oṣù kan, owó yòówù kí ẹ máa ná. Ká ní ẹ san ti oṣù 12, ó di 1,200. Kọ́ṣọ̀n jẹ́ 150, ti ajẹ́ntì 120, ti ìwé àdéhùn 60. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ 1,530. Bí rìsíìtì bá sọ pé “owó ilé, 1,530”, ẹ ti pàdánù ẹ̀rí pé 150 kan wà tó yẹ kó padà. Rìsíìtì kọ́ṣọ̀n gbọ́dọ̀ dá dúró, kó sọ pé owó ìdúró lórí ìbàjẹ́ ni, kó sọ ohun tí wọ́n lè torí rẹ̀ yọ owó, àti iye ọjọ́ tí wọn yóò fi dá ìyókù padà lẹ́yìn tí ẹ bá kúrò. Bó bá jẹ́ ajẹ́ntì ló gbà á, kí ó kọ ọ́ síbẹ̀ bóyá ọwọ́ òun lowó náà wà tàbí ọwọ́ onílé. Bí ẹ kò bá mọ ẹni tó mú un dání, ẹ kò ní mọ ẹni tí ẹ máa béèrè lọ́wọ́ rẹ̀.

Ká wá ní iṣẹ́ gbé yín lọ ibòmíì, ẹ sì kó jáde ní ìparí oṣù 9. Owó oṣù mẹ́ta, ìyẹn 300, ṣì wà nílẹ̀. Ṣé ó máa padà? Ìwé àdéhùn ni yóò sọ. Bó bá gbà kí ẹ kúrò ṣáájú àkókò lẹ́yìn ìfitónilétí oṣù kan, tí ẹ sì fún onílé ní ìwé ìfitónilétí náà ní ìparí oṣù 8, ẹ lẹ́tọ̀ọ́ sí 300 náà. Bí ìwé kò bá sọ irú nǹkan bẹ́ẹ̀, onílé lè sọ pé ọdún kan lẹ gbà, kó má sì dá kọ́bọ̀ padà. Síbẹ̀, bó bá fi ilé náà fún ẹlòmíràn láti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù 11, ẹ béèrè owó oṣù 11 àti 12, nítorí kò tọ́ kó gba owó ilé lẹ́ẹ̀mejì lórí oṣù kan náà. Òfin ibi tí ẹ wà lè tì yín lẹ́yìn, ṣùgbọ́n ohun tó dá mi lójú jù ni pé kí ẹ jẹ́ kí wọ́n kọ ọ́ sínú àdéhùn kí ẹ tó fọwọ́ sí i.

Kọ́ṣọ̀n ní ìṣirò tirẹ̀, ibẹ̀ sì ni wọ́n ti máa ń rẹ́ ayálégbé jẹ. Ohun tí ìlò lásán mú gbó kì í ṣe ìbàjẹ́: ọ̀dà tó ṣá, ilẹ̀ tó dán níbi tí ẹsẹ̀ ń gbà kọjá, ìdè ilẹ̀kùn tó tú díẹ̀. Owó ilé tí ẹ ń san ló ti sanwó ìyẹn. Ìbàjẹ́ ni gíláàsì tó fọ́, kọ́kọ́rọ́ tó sọ nù, ògiri tí tàdáwà dà sí. Kódà níbi tí ìbàjẹ́ bá wà, kò yẹ kí ẹ san owó nǹkan tuntun dípò nǹkan tó ti lò.

Ẹ wò ó báyìí. Tàdáwà dà sí ògiri yàrá kan, títún un kùn yóò gba 50. Ká ní ọ̀dà irú yẹn máa ń lo ọdún 5. Nígbà tí ẹ wọlé, ó ti lo ọdún 3 àti oṣù 3. Oṣù 9 tiyín sọ ọ́ di ọdún 4. Ọdún kan péré nínú márùn-ún ni ẹ gé kúrò lára rẹ̀, nítorí náà 10 ni ti yín, kì í ṣe 50. Kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn tó sọ nù jẹ́ 15, owó iná tó kù jẹ́ 5. Àpapọ̀ jẹ́ 30, kí onílé sì dá 120 padà. Bó bá ní kí ẹ san 50 lórí ògiri náà, tó tún fi 40 kún un nítorí pé ọ̀dà yàrá kejì ti ṣá, 40 péré ni yóò kù fún yín. Ẹ béèrè rìsíìtì iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan tó torí rẹ̀ yọ owó, kí ẹ sì béèrè ìgbà tí wọ́n kun yàrá náà kẹ́yìn.

Gbogbo àríyànjiyàn yìí kò lè dúró láìsí ẹ̀rí ipò tí ilé wà lọ́jọ́ tí ẹ wọlé. Kí ẹrù tó wọlé, ẹ ya fọ́tò ògiri, àjà, fèrèsé, ẹ̀rọ omi àti ojú mítà iná ní yàrá kọ̀ọ̀kan. Ẹ kọ àbùkù tó wà níbẹ̀ sí ìwé kan, kí ẹ àti onílé fọwọ́ sí i, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan mú ẹ̀dà tirẹ̀. Fọ́tò tí ẹ yà lẹ́yìn oṣù méjì kò lè jẹ́rìí mọ́ pé ẹ bá àbùkù náà nílẹ̀ ni.

Ọ̀pọ̀ ayálégbé máa ń sọ pé, “Ẹ fi kọ́ṣọ̀n mi dí owó oṣù tó kẹ́yìn.” Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é láìsí ìwé tí onílé fọwọ́ sí. Bí ẹ kò bá san owó oṣù náà, gbèsè ló jẹ́ títí onílé yóò fi gbà, ó sì lè tún wá béèrè owó ìbàjẹ́ lọ́wọ́ yín lẹ́yìn náà. Bákan náà, bí wọ́n bá ta ilé náà nígbà tí ẹ ṣì ń gbé inú rẹ̀, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ onílé tuntun pé kọ́ṣọ̀n yín ti dé ọwọ́ òun.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá ń kúrò, ẹ gbá ilé mọ́, kí ẹ àti onílé jọ yí i ká pẹ̀lú ìwé ọjọ́ ìwọlé lọ́wọ́. Ẹ ka mítà. Ẹ má kàn fi kọ́kọ́rọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ aládùúgbò, torí onílé lè sọ pé òun kò tíì gba ilé òun, kó sì máa ka owó ilé lọ. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ lé e lọ́wọ́, kí ó kọ ọjọ́ tó gbà á sílẹ̀. Ẹ wá fún un ní lẹ́tà kan tó sọ iye kọ́ṣọ̀n tí ẹ san, ọjọ́ tí ẹ san án, ọjọ́ tí àdéhùn ní kó padà, àti nọ́ńbà àkáǹtì tí ẹ fẹ́ kí wọ́n san án sí. Kí ẹ̀dà rẹ̀ kan wà lọ́wọ́ yín.